412 tàbí 437? Nípa àwárí tí a kò kọ sílẹ̀ àti ìwádìí tó ní orúkọ mẹ́ta

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń ka ìwé másítà níbí ní Èkó. Àgbéyẹ̀wò onílànà, ìyẹn systematic review, ni mò ń ṣe, lórí bí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà ṣe ń lo oògùn wọn déédéé. Nígbà tí mo wá ìwádìí nínú dátábéèsì PubMed lóṣù kẹta, 412 ni mo rí. Súpáfáísà mi tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lóṣù kẹfà, 437 ló rí. Wọ́n tún fa ìlà pupa sí i pé ìwádìí 18 ni mo kọ síbì kan, 21 síbòmíràn, 20 ló sì wà nínú àkójọ ìtọ́kasí. Mi ò parọ́ kankan. Níbo ni mo ti ṣìṣe?"

Kò sí irọ́ nínú iṣẹ́ rẹ, àbúrò. Òǹkà rẹ gan-an ò burú. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé o kọ iye sílẹ̀, o ò kọ ohun tí o kà, o ò sì kọ ọjọ́ tí o kà á àti bí o ṣe kà á. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láìbìrì lápá Yaba, mi ò tíì rí ọdún kan tí ẹnìkan kò gbé irú ìwé onílà pupa yìí wá bá mi, ẹni náà á sì ti fajú ro bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú 412 àti 437. Ọ̀rọ̀ tó o ní o tẹ̀, bó ṣe wà nínú fáìlì tó o fi ránṣẹ́, nìyí: `hypertension drug adherence Nigeria`. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin lásán, kò sí àmì kankan lára wọn. Ìdí àkọ́kọ́ tí iye fi yí padà, ìwọ náà á ti rò ó: ojoojúmọ́ ni àkọsílẹ̀ tuntun ń wọ PubMed, oṣù mẹ́ta sì ti kọjá láàárín ìwọ àti súpáfáísà rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn nìkan ló bí 25 tó lé. Tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ lásán, PubMed kì í wá a bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Á mú `hypertension`, á wo inú MeSH, ìyẹn àwọn àkọlé tí àwọn tó ń to ìwé fi ń pín ìwádìí sí ìsọ̀rí, á fi àkọlé tó bá a mu kún un, á tún fi oríṣi ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ kún un. Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe òfin ayérayé. Wọ́n ń tún ọ̀nà tí PubMed ń gbà ṣe é ṣe, wọ́n sì ń yí àwọn àkọlé MeSH padà lọ́dọọdún. Bí o bá fẹ́ rí ohun tí PubMed wá ní tòótọ́, tẹ `Advanced`, kó o sọ̀kalẹ̀ síbi tí wọ́n kọ `History and Search Details` sí, kó o ṣí ọfà tó wà lábẹ́ `Details`. Gbólóhùn gígùn tó máa yọ síta níbẹ̀ ni àwárí rẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó o tẹ̀ kàn kan ilẹ̀kùn ni.

Ohun kẹta wà tí mo fẹ́ kó o yẹ̀ wò kó o tó jà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ṣé o fi àmì sí èyíkéyìí nínú àwọn àpótí kéékèèké tó wà lápá òsì, bíi ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí ti èdè? Bí o bá ti fàmì sí i lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún àwárí tó tẹ̀ lé e títí o fi máa pa á rẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé ìdí tí ìwádìí fi ṣọ̀wọ́n lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àṣé àpótí ọdún márùn-ún ló gbàgbé síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú iṣẹ́ rẹ ni gbólóhùn tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún PubMed láti túmọ̀. Fún ọ̀rọ̀ tìrẹ, èmi á bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
(hypertension[mh] OR hypertens*[tiab] OR "high blood pressure"[tiab])
AND ("medication adherence"[mh] OR adheren*[tiab] OR complian*[tiab])
AND (nigeria[mh] OR nigeria*[tiab])
```

`[mh]` ń sọ pé inú àkọlé MeSH ni kó wá a, `[tiab]` ń sọ pé orí àkọlé ìwé àti ìsọníṣókí rẹ̀ ni. Ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ń gba gbogbo ìparí tó lè tẹ̀ lé e. A ní láti pa `[mh]` àti `[tiab]` pọ̀ nítorí pé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má tíì ní àkọlé MeSH kankan lára, àwọn jọ́nà wa kan tó wà ní PubMed kì í sì í ní in rárá. Ẹni tó bá fi `[mh]` nìkan wá Nàìjíríà á pàdánù wọn láìmọ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá wá a, kọ orúkọ dátábéèsì náà àti ojú ibi tó o gbà wọ̀ ọ́, nítorí pé ẹni tó gba Ovid wọ MEDLINE àti ẹni tó lo PubMed kò wo ohun kan náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ gbólóhùn kò sì jọra. Kọ ọjọ́. Da gbólóhùn náà kọ láti ojú kọ̀ǹpútà, má ṣe tún un tẹ̀ láti orí. Kọ àpótí tó o fàmì sí, tàbí kó o kọ ọ́ pé o ò fàmì sí ìkankan. Kọ iye tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kó èsì náà jáde sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀, fún un lórúkọ tó ní ọjọ́ nínú, bíi `pubmed_2025-03-14.nbib`, má sì fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o gbé sínú Zotero tó ń tọ́jú ìtọ́kasí, tàbí Rayyan tí a fi ń yan ìwé, láti ṣiṣẹ́. Lójú ìwé `Advanced` kan náà, `Download` wà tó máa fún ọ ní gbogbo ìtàn àwárí rẹ bí tábìlì.

Mo ń tẹnu mọ́ "lójú ẹsẹ̀" nítorí ohun tó fojú mi rí. Nígbà tí èmi náà ń bá àwọn dókítà kan ṣe àgbéyẹ̀wò wa àkọ́kọ́, ọjọ́ Ẹtì kan ni mo parí àwárí, ọjọ́ sì ti lọ. Wọ́n mú iná lọ, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ti lọ sílé. Mo ní kò burú, mo á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. PubMed kì í tọ́jú ìtàn àwárí ju wákàtí mẹ́jọ lọ tí èèyàn kò bá fọwọ́ kan nǹkan. Nígbà tí mo padà dé, ojú ìwé náà mọ́ fo. Mo fi ọgbọ́n orí tún gbólóhùn náà to, iye tó jáde kò jọ ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbójú fò ó. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún jọ́nà kan lo gbólóhùn wa, kò rí iye wa, ó sì dá gbogbo ẹ̀ padà. A tún un ṣe láti ìpìlẹ̀.

Kí lo wá lè ṣe sí ti oṣù kẹta? Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kó o gbìyànjú láti padà sí ọjọ́ náà. PubMed ní ọjọ́ tí wọ́n dá àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà o lè fi ìlà kan kún gbólóhùn rẹ:

```
AND 1900/01/01:2025/03/14[crdt]
```

Èyí á yọ gbogbo ohun tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kúrò. Ó dára láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé tuntun ló bí 25 náà tàbí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í dá ọjọ́ náà padà pátápátá, nítorí pé ìwé tó ti wà nígbà náà láìní MeSH lè ti ní in báyìí, á sì wá jáde nínú àwárí tí òun kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Má ṣe fi iye tó bá jáde níbẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ kó o wá kọ "oṣù kẹta" sí i. Ìyẹn gan-an ni irọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì, tí èmi yóò gbà, ni kó o tún gbogbo àwárí ṣe lónìí pẹ̀lú gbólóhùn tó mọ́, kó o sì kọ ọjọ́ òní. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ kò ṣòfò. Gbé èsì tuntun sórí ti àtijọ́, yọ gbogbo ohun tó o ti kà tẹ́lẹ̀ kúrò nípasẹ̀ PMID wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí PubMed fún ìwé kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù nìkan ni kó o kà. Nínú iṣẹ́ rẹ, àwárí tuntun yìí ni àwárí. Ó tún ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́nà mìíràn: Cochrane, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò onílànà, fẹ́ kí àwárí má tíì pé oṣù méjìlá nígbà tí àgbéyẹ̀wò bá jáde, àwọn jọ́nà tó le sì ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Kó o tó gbà pé gbólóhùn tuntun dára, dán an wò. Tẹ gbólóhùn náà kó di `#1`. Tẹ PMID gbogbo ìwé tó o ti gbà wọlé, fi àlàfo sáàárín wọn, kó di `#2`. Lẹ́yìn náà tẹ `#2 NOT #1`. Ohunkóhun tó bá jáde jẹ́ ìwé tó o mọ̀ pé ó yẹ, tí gbólóhùn rẹ kò rí. Ka àkọlé rẹ̀, wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, fi kún gbólóhùn náà. Bí kò bá sí nǹkan kan tó jáde, ó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi hàn pé o ò pàdánù ìwé tí o kò tíì rí rí.

Ti AJOL, àkójọ àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ti Google Scholar kò gùn. Àpótí àwárí AJOL kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún gbólóhùn gígùn, nítorí náà tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ní ti Google Scholar, iye tó wà lókè jẹ́ àfojúbù, kì í sì í fi ju 1,000 hàn ọ́. Kọ pé o ka 200 àkọ́kọ́, tàbí iye yòówù kó o kà, má kọ iye ńlá tó wà lókè.

Ẹ jẹ́ ká wá sí 18, 21 àti 20, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo tún òǹkà rẹ kà láti inú fáìlì rẹ. PubMed 412, CINAHL tó jẹ́ dátábéèsì àwọn nọ́ọ̀sì 131, AJOL 96, ó jẹ́ 639. O yọ ẹ̀dà 117, ó ku 522. O ka àkọlé àti ìsọníṣókí, o ju 466 nù, ó ku 56. O ò rí márùn-ún gbà, o ka 51 tán látòkèdélẹ̀, o ju 30 nù, ó ku 21. Òǹkà náà pé, kò sí ibi tó ti ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo ti kà, o sì pe gbogbo wọn ní "ìwádìí". Ohun tó ń jáde láti dátábéèsì jẹ́ àkọsílẹ̀: àkọlé kan àti ìsọníṣókí rẹ̀. Ohun tó o gbà sílẹ̀ tó o kà tán jẹ́ ìjábọ̀: ìwé kan tí ẹnìkan kọ. Ìwádìí ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn fúnra wọn, ìwádìí kan sì lè ní ìjábọ̀ tó pọ̀. Àtẹ PRISMA 2020, tí a fi ń fi hàn bí a ṣe yan ìwé, ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, nínú àpótí tó kẹ́yìn ó bèèrè iye ìwádìí àti iye ìjábọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjábọ̀ 21 lo ní. Ìwádìí 18 lo ní. Méjèèjì tọ̀nà, bí o bá ti fún oníkálukú lórúkọ rẹ̀.

Bí obìnrin kan bá pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta lóde àríyá kan ní Sùúrùlérè, onífọ́tò á ya fọ́tò mẹ́ta, alásè kò ní torí ìyẹn gbé abọ́ oúnjẹ mẹ́ta fún un. Nínú tìrẹ, mẹ́ta nínú 21 ló ti ọ̀dọ̀ ìwádìí kan ṣoṣo wá: tísíìsì kan, ìsọníṣókí kan tí wọ́n kà níbi àpérò, àti ìwé kan nínú jọ́nà. Méjì mìíràn ti ọ̀dọ̀ ìwádìí kan wá. Mẹ́rìndínlógún tó kù, oníkálukú ló dá dúró. Mẹ́ta, méjì àti 16, ó jẹ́ 21. Ìwádìí méjì àti 16, ó jẹ́ 18.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé mẹ́ta náà jẹ́ ọ̀kan? Iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lè tan ọ́ jẹ. Nínú tísíìsì yẹn, aláìsàn 240 ni, nínú jọ́nà 228, nínú ìsọníṣókí 150. Ẹni tó bá wo iye nìkan á pè é ní ìwádìí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan náà ni, oṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dọ́gba, nọ́ńbà àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà dọ́gba nínú tísíìsì àti jọ́nà, orúkọ méjì sì wọ gbogbo rẹ̀. Jọ́nà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn yọ méjìlá tí ìdáhùn wọn kò pé kúrò. Ìsọníṣókí náà ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí o bá kà á ní mẹ́ta nígbà tó o bá ń pa èsì pọ̀, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo á sọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta, á sì fa ìdáhùn rẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, kò sí ẹ̀rí tó tó láti pinnu. Kọ lẹ́tà sí ẹni tó kọ ọ́. Púpọ̀ wọn kì í dáhùn, èmi ò ní tàn ọ́. Pinnu nígbà náà, kó o sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè bá ọ jiyàn.

Orúkọ ló kù. Nínú tábìlì rẹ, ìwádìí kan ń jẹ́ "Alabi 2015", nínú ọ̀rọ̀ rẹ ó di "Alabi àti àwọn yòókù 2016", nínú àwòrán tó kó èsì pọ̀ ó di "Alabi 2015a". (Mo ti pààrọ̀ orúkọ náà o, nítorí ẹni tó ni ín.) Ọdún yí padà nítorí pé ìwé náà kọ́kọ́ jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 2015, ó wọ inú ìdìpọ̀ jọ́nà ní 2016. Lẹ́tà "a" wá láti ọ̀dọ̀ Zotero: nígbà tó o fi ìwé Alabi mìíràn ti ọdún kan náà kún un, ó ya wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú "a" àti "b". Lọ́jọ́ tó o bá yọ ọ̀kan, lẹ́tà náà á pòórá. Inú ọ̀rọ̀ rẹ ló ti ń yí padà, ṣùgbọ́n tábìlì tó o fọwọ́ tẹ̀ kò ní yí padà, àwòrán sì jẹ́ àwòrán. Bí o bá lo nọ́ńbà bíi ti Vancouver, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìwé kan tó wọ àárín á ti gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e síwájú, "14" tó o fọwọ́ kọ sínú tábìlì á wá máa tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Orúkọ àwa Yorùbá náà ń dá kún un. Ẹni tó kọ orúkọ ìdílé ṣáájú bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ìwé, jọ́nà lè mú orúkọ àbísọ rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé. Obìnrin tó gbé orúkọ ọkọ mọ́ ti bàbá rẹ̀ á jẹ́ orúkọ kan nínú tísíìsì, á jẹ́ òmíràn nínú jọ́nà. Zotero kò ní mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ìwọ ni kó o wo ojú ìwé fúnra rẹ̀ kó o tún un ṣe.

Nítorí náà, ṣí tábìlì kan lónìí, ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà 21. Òpó àkọ́kọ́ ni àmì ìwádìí: láti ọ̀dọ̀ ìjábọ̀ tó kún jù ni kó o ti mú un, orúkọ àti ọdún, láìsí àmì ohùn, láìsí "àti àwọn yòókù". Àwọn ìjábọ̀ ìwádìí kan náà á pín àmì kan. Òpó kejì ni PMID tàbí DOI, ẹ̀kẹta ni irú ìwé tó jẹ́, ẹ̀kẹrin sì sọ èyí tó jẹ́ olórí àti ohun tó o mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ti fún ìwádìí ní àmì, ó ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn, bí Zotero tilẹ̀ yí ọdún tàbí lẹ́tà rẹ̀ padà nínú ìtọ́kasí. Àmì yìí ló máa wà nínú tábìlì, nínú àwòrán àti nínú àfikún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì, fi ìtọ́kasí tí Zotero fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀, má fọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtọ́kasí lè máa rìn, orúkọ kò ní rìn. Bí yunifásítì rẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń kọ ọ́, tẹ̀ lé tiwọn, ṣùgbọ́n tọ́jú tábìlì náà.

Ó ku 20 nìkan. Mo fi àkójọ ìtọ́kasí rẹ wé fáìlì ìjábọ̀ 21 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tísíìsì yẹn ni kò sí níbẹ̀. O mú ìdá àwọn tó ń gbàgbé oògùn láti inú rẹ̀, nítorí pé jọ́nà kò tẹ tábìlì yẹn jáde, ṣùgbọ́n o tọ́ka sí jọ́nà fún un. Súpáfáísà rẹ á ṣí jọ́nà náà, wọn ò ní rí iye yẹn níbẹ̀. Fi tísíìsì náà sínú àkójọ kó o tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ padà.